"A ti gbọ́" àti "a ti gbà": òyìnbó Họ́lándì, gàrí Ìjẹ̀bú àti ìdákẹ́jẹ́ Bàbá alága

Akọ̀wé_Òrù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń yan gàrí ládùúgbò wa lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó, èmi náà ni mo sì ń ṣe ògbufọ̀. Iléeṣẹ́ kan ní Họ́lándì fẹ́ máa ra tọ́ọ̀nù 10 lóṣù fún oṣù 6, iye kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin tí wọ́n rán wá kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó dárúkọ náírà 780 fún kílò kan. Bàbá alága wa, Ọ̀túnba ni wọ́n, dákẹ́. Kò pẹ́ tó fi kún un fúnra rẹ̀, ó di 820. Bàbá ní, "A ti gbọ́ o, ẹ ṣeun." Mo túmọ̀ ẹ̀ fún un pé ó dáa, ẹ ṣeun. Lọ́jọ́ kejì ló fi ìwé ọjà ránṣẹ́: 820, oṣù 6. Bàbá ní ta ló gbà? Obìnrin náà ní a ṣèlérí, a wá ń yẹ̀ ẹ́. Ìpàdé mìíràn di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ibo ni mo ti ṣì í, kí sì ni kí n ṣe?

Ọmọ_Balógun

Kò sí ohun tẹ́ ẹ ṣì. Bàbá yín mọ òwò ni. Wọ́n dákẹ́, náírà 40 sì já bọ́ lórí kílò kan. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: tọ́ọ̀nù 10 jẹ́ kílò 10,000, náírà 400,000 nìyẹn lóṣù kan, láàárín oṣù 6 ó ti di mílíọ̀nù 2.4. Èmi ń ta ohun èlò ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí oníbàárà bá ti dárúkọ iye, ojú ẹ̀ ni mo máa ń wò, mi ò ní sọ̀rọ̀. Kẹ́kẹ́ tó bá pa, òyìnbó ò lè fara dà á. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, kí Bàbá tún dákẹ́ sí i, á dé 860.

Ògbufọ̀_Ṣágámù

Akọ̀wé, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná. Nígbà tí Bàbá dákẹ́, kí ni ọwọ́ wọn ń ṣe? Nígbà tí àlejò lọ tán, ta ló kọ́kọ́ lanu, kí ló sì wí? Lẹ́yìn "a ti gbọ́" yẹn, ṣé ẹnì kan nínú yín béèrè nípa àpò, ọkọ̀, tàbí ọjọ́ tí owó máa wọlé?

Akọ̀wé_Òrù

Bàbá bu gàrí nínú abọ́ tá a gbé ka tábìlì, wọ́n ń fi àtàǹpàkò rà á lórí àtẹ́lẹwọ́, wọn ò gbójú sókè. Á tó ogún ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà wọ́n da gàrí náà padà sínú abọ́, wọn ò jù ú sẹ́nu. Nígbà tí àlejò lọ, ìyá tó jẹ́ olórí àwọn ayangàrí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Oṣù 6? Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ńkọ́?" Bàbá ní, "Ohun tí mo ń rò nìyẹn." Kò sẹ́ni tó béèrè àpò tàbí ọkọ̀.

Olóbì_Mákùn

Ọmọ mi, ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Obì ni mò ń tà ní Ṣágámù, ó ti pẹ́ tí èmi pẹ̀lú àwọn mègídá ti jọ ń ná ọjà. Lọ́dún kan, Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, mo lọ ra àgbò ní Sábó. Mo dárúkọ owó tí mo ní. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àlíbárákà." Inú mi dùn! Mo ní ó ti súre fún mi, ó gbà nìyẹn. Mo ti ní kí ọmọ mi fa okùn àgbò, mo ti ń tú etí aṣọ mi. Ọkùnrin náà di okùn mú, kò bínú, ó kàn tún ní, "Àlíbárákà, màmá." Dìláálì, alágbàtà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ló bá mi sọ òótọ́: bí Hausa tó ń tajà bá ti sọ bẹ́ẹ̀ sí iye tí èèyàn dá, ó ní owó ò gbà á ni. Àdúrà ló fi ń sọ ọ́, kó má bàa dójú tì ọ́. Ojú tì mí gan-an lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà kí obìnrin òyìnbó yẹn wá dìláálì ni. Ṣé ẹ̀yin ò ní dìláálì lọ́dọ̀ yín ni?

Ògbufọ̀_Ṣágámù

Màmá, ẹ ṣeun. Akọ̀wé yìí gan-an ni dìláálì wọn, ibẹ̀ ló sì ti ṣòro fún un. Dìláálì yín ò jókòó sábẹ́ àṣẹ ẹni tó ń ta àgbò. Akọ̀wé ń jíṣẹ́ fún Bàbá, wọ́n tún fẹ́ kó jẹ́ etí àti ẹnu fún àlejò.

Akọ̀wé, ó ti yé mi wàyí. Kì í ṣe iye owó ni Bàbá dákẹ́ lé lórí, oṣù 6 ni. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ilẹ̀ á le, fífa ẹ̀gẹ́ á di iṣẹ́ agbára, owó àwọn alágbàṣe á ga, ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ á wọ́n. Ẹni tó bá ti so ara rẹ̀ mọ́ iye kan ló máa ru gbogbo ẹrù náà. Ọwọ́ Bàbá ti sọ ọ́: wọ́n ń yẹ gàrí tiwọn wò, wọ́n ń ronú nípa ohun tó máa ná wọn láti rí irú ẹ̀ yan nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, wọ́n sì dá a padà sínú abọ́. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ rí i, ó yé yín. Àlejò ò rí nǹkan kan ju pé ẹnu dákẹ́. Ó rò pé owó ló kéré, ó sì fi náírà 40 di ihò tí kò sí níbẹ̀. Ihò tó wà gan-an ṣì ń jò.

Ọmọ Balógun, ẹ̀yin náà ti sọ ìdajì òótọ́. Òótọ́ ni pé kò lè fara dà á. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì Groningen, ní Họ́lándì níbẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2011 lórí ọ̀rọ̀ tó ń lọ geere tí ìdákẹ́jẹ́ wá já lójijì. Ìṣẹ́jú àáyá 4 péré ti tó kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé wọn ò fẹ́ òun mọ́ láàárín wọn. Bàbá lo ogún. Àmọ́ ohun èlò ilé lẹ̀ ń tà, oníbàárà yín á sanwó, á lọ. Ẹni yìí máa padà wá lóṣooṣù. Bó bá pẹ́ bó bá yá, á mọ̀ pé kò sẹ́ni tó béèrè 40 yẹn lọ́wọ́ òun, ọ̀gá ẹ̀ náà á sì bi í. Ìgbà yẹn ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá a padà: àpò yìí ò kún, gàrí yìí ò funfun tó. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti dá ọkọ̀ ẹrù odindi padà lórí nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ní oṣù àkọ́kọ́.

Ibi tẹ́ ẹ ti ṣì í ni "a ti gbọ́". Ọ̀rọ̀ méjì ni gbọ́ àti gbà lẹ́nu àgbà, ẹ̀yin náà sì mọ̀. Ẹni tó ní òun gbọ́ ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ dé ọ̀dọ̀ mi, mo bọ̀wọ̀ fún un, mi ò ní dá a lóhùn lójú gbogbo èèyàn. Bàbá ò lè sọ pé rárá fún àlejò tó rìn jìnnà, nínú ilé wọn, lójú àwọn obìnrin tí wọ́n jẹ́ alága lé lórí. Wọn ò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n tó bi àwọn obìnrin yẹn. "A ti gbọ́" nìkan ló ṣẹ́ kù fún wọn. Ẹ̀yin wá gbé "ó dáa" lé e. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà níbi tí bẹ́ẹ̀ ni ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìwé ọjà ló máa kọ.

Ohun tí mo fi ń dá gbígbà mọ̀ ni pé ó máa ń ní ìrù. Ẹni tó bá gbà lóòótọ́ á béèrè nǹkan: àpò wo la máa lò, ta ló máa sanwó ọkọ̀ dé èbúté, ọjọ́ wo lowó máa wọlé. Bí ìbéèrè kankan ò bá tẹ̀ lé "a ti gbọ́", tí wọ́n ń kí àlejò pé ó dàbọ̀, kò tíì sí gbígbà níbẹ̀.

Ní ti Ọjọ́bọ̀, ẹ má dúró dìgbà yẹn. Ẹ lọ bá Bàbá lálẹ́, ẹ̀yin nìkan, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má ṣe bi wọ́n pé ṣé wọ́n gbà tàbí wọn ò gbà. Ẹ bi wọ́n pé èwo nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó yìí ni ò ṣeé gbé mì, èwo ló rọrùn, ta ló tún yẹ ká gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Àwọn ará Jàpáànù ní orúkọ fún irú ìrìn alẹ́ báyìí, wọ́n ń pè é ní nẹmawáṣì: bí àgbẹ̀ bá fẹ́ ṣí igi nípò, á kọ́kọ́ fara balẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ yí gbòǹgbò rẹ̀ ká. Ọ̀pọ̀ ìpàdé wọn, kí wọ́n tó jókòó ni wọ́n ti parí ẹ̀. Àwa náà ń ṣe é, ẹ kàn ò tíì ṣe é lórí ọ̀rọ̀ yìí ni.

Tí Bàbá bá ti fọwọ́ sí i, ẹ kọ̀wé kúkúrú sí obìnrin náà: "Nígbà tí alága wa ní a ti gbọ́, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọ̀rọ̀ yín yé wa. Kò tíì gbà. Èmi tí mo túmọ̀ ni mo ṣì í. Ìdí ni pé ẹ̀gẹ́ máa ń wọ́n nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, a ò sì lè di iye kan mú fún oṣù 6. Lọ́jọ́bọ̀ a máa mú àbá wa wá." Ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ mẹ́wàá yí i ká. Bí ẹ̀bẹ̀ bá pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ gidi á sọnù sínú ẹ̀, yóò tún rò pé ẹ ń fẹ́ owó sí i.

Tíṣà_Ìpẹ̀rù

Mo ka gbogbo ẹ̀, apá kan ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ògbufọ̀ kì í ṣe alága. Bí Bàbá bá fẹ́ sọ pé àwọn ò gbà, wọ́n ní ẹnu. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ, ìyẹn sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ó jẹ́ kí wọ́n lè padà sẹ́yìn tàbí kí wọ́n tẹ̀ síwájú láìjẹ́ pé ojú tì ẹnikẹ́ni. Ọmọdé á wá bọ́ síta, á sọ ọ́ di odidi lórúkọ wọn? Mo jókòó níbi ìpàdé ilẹ̀ kan rí ní Rẹ́mọ níbí. Ìyàwó ilé kan tó gbọ́ èdè òyìnbó ń túmọ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, ó ń fi àlàyé tiẹ̀ kún un kó lè yé wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà ilé bá ara wọn lórí ìpinnu tí wọn ò ṣe. Ìdílé yẹn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ títí dòní.

Ògbufọ̀_Ṣágámù

Tíṣà, ẹ kò jẹ̀bi, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó kọ́kọ́ lọ bá Bàbá lálẹ́. Mi ò ní kí ó sọ ohun tó wà nínú Bàbá. Mo ní kí ó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ nínú èdè wa. Bó bá sọ fún àlejò pé, "Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ní òun gbọ́ ò tíì ní òun gbà," ìtumọ̀ ni. Bó bá ní, "Ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń ba Bàbá lẹ́rù," láìjẹ́ pé Bàbá rán an, ó ti kọjá àyè ẹ̀.

Tíṣà_Ìpẹ̀rù

Ó rọrùn láti sọ níbí. Níwájú tábìlì, tí gbogbo ojú ń wò ó, tí òyìnbó ń béèrè pé kí ló dé tí wọ́n dákẹ́, ààlà yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an. Mi ò tíì gbà.

Adé_Rotterdam

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, mò ń gbé ní Rotterdam, mo sì ń bá àwọn èèyàn yìí ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀dọ̀ wọn kún un.

Akọ́kọ́, ẹ yé sọ pé òyìnbó, bíi pé ọ̀kan ni gbogbo wọn. Ará Ìlú Ọba á sọ fún yín pé iṣẹ́ yín dára díẹ̀, ẹ̀yin á lọ sùn pẹ̀lú ayọ̀, kò sì fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Ará Họ́lándì á sọ fún yín lójú pé kò dára, á sì ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká jọ lọ mu kọfí. Kò ka "rárá" sí ìjà. Ohun tó ń bí i nínú ni kó máa rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, kó wá gbọ́ lọ́la pé kò parí. Nítorí náà lẹ́tà tí Ògbufọ̀ ní kẹ́ ẹ kọ yẹn ò ní dùn ún. Ó máa tù ú lára.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Mo mọ̀ pé Bàbá á máa wò ó pé ọmọdé ni wọ́n rán sí òun. Níbí, wọ́n máa ń rán ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ tiẹ̀, irun orí ẹ̀ ì báà funfun ì báà dúdú. Ó ṣeé ṣe kí ìbùwọ́lùwé wà lọ́wọ́ ẹ̀ ju lọ́wọ́ àgbàlagbà kan lọ́fíìsì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ tààràtà, kò ní bínú: "Títí dé iye wo lẹ lè fọwọ́ sí láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan?" Ẹ sọ ìdáhùn ẹ̀ fún Bàbá. Nígbà tí àgbà bá mọ̀ pé ọmọ tó wà níwájú òun ló di kọ́kọ́rọ́ mú, á mọ bí òun ṣe máa bá a sọ̀rọ̀.

Ó tún lè pe Bàbá lórúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n. Ọ̀gá wọn pàápàá, orúkọ àbísọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ẹ tètè sọ fún un kó tó wọlé pé Olóyè ni kó máa pè wọ́n. Bẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tó bá ti ṣe é lójú àwọn ìyá, ó ti pẹ́ jù.

Ọmọ_Balógun

Ó dáa, mo gbọ́. (Mi ò ní mo gbà o.) Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, tí Bàbá ò bá wá ní dákẹ́ mọ́, kí ni wọ́n máa fi ná ọjà?

Ògbufọ̀_Ṣágámù

Kí wọ́n máa dákẹ́ ni. Kí wọ́n kàn fún ìdákẹ́jẹ́ náà lórúkọ. "Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò ná," gbólóhùn kan péré, kí wọ́n tó bu gàrí. Àlejò á mọ̀ pé ìrònú ni, kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀, òun náà á dákẹ́, á ronú. Bí iye bá kéré lóòótọ́, kí wọ́n sọ pé owó ò gbà á. Ìyẹn ò ṣòro fún ọmọ Ìjẹ̀bú kankan.

Akọ̀wé_Òrù

Ẹ kú àdúrótì o. A ti ṣe ìpàdé Ọjọ́bọ̀, mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Mo lọ bá Bàbá lálẹ́ Ọjọ́ Ajé. Mi ò tíì bi wọ́n tán tí wọ́n fi sọ ọ́: "Iye yẹn kò burú. Èmi ò lè fi ọwọ́ ara mi fa àwọn obìnrin wọ gbèsè." Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà náà, wọ́n sì ní kí n má kọ ọ́ pé èmi ni mo ṣì í, kí n kọ ọ́ pé àwa méjèèjì la ṣì í. Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́. Wákàtí kan kò pé tó fi dáhùn lórí Wátsáàpù, ó ní òun dúpẹ́ pé a là á mọ́lẹ̀, pé ta ni òun máa bá sọ̀rọ̀ iye. Bàbá ní èmi ni.

Lọ́jọ́ náà Bàbá gba àlejò, wọ́n pa obì, wọ́n ní, "Àwọn ọmọ ló máa sọ̀rọ̀ owó, èmi máa gbọ́." Èmi, obìnrin Họ́lándì náà àti ìyá olórí ayangàrí la wá jókòó ti ìwé. Obìnrin náà ní òun lè fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀ láìbi ẹnì kankan, Bàbá sì gbójú sókè nígbà tí mo túmọ̀ ìyẹn. A fi 820 sí oṣù 2 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn a ó máa wo iye tí wọ́n ń ta ẹ̀gẹ́ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan lóko. Bó bá fi ju ìdá 10 nínú 100 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, a ó tún jókòó.

Ibì kan tún fẹ́ dàrú. Ó béèrè bóyá omi inú gàrí kò ju ìdá 12 nínú 100 lọ, ó ní ìlànà àgbáyé fún gàrí nìyẹn. Ìyá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n mì í kó dún sétí ẹ̀, wọ́n ní, "Ó gbẹ, ṣé o ò gbọ́ ni?" Tẹ́lẹ̀ mi ò bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní, "Wọ́n ní ó gbẹ, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tíì fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n." Ó ní òun máa mú ẹ̀rọ náà wá. Ìyá ò dùn sí i, wọ́n rò pé mo já àwọn kulẹ̀. Mo ṣì ń bẹ̀ wọ́n.

Ó tún bi Bàbá pé kí ló dé tí wọ́n dákẹ́ nígbà àkọ́kọ́ tí òun fi 40 kún un. Bàbá kàn rẹ́rìn-ín. Mi ò túmọ̀ ẹ̀rín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá bu gàrí nínú abọ́, wọ́n jù ú sẹ́nu.

Tíṣà_Ìpẹ̀rù

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn gan-an ni mò ń sọ. Ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ náà falẹ̀.

Ògbufọ̀_Ṣágámù

Ẹ mú ẹ̀rọ náà fún ìyá kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wọ̀n ọ́n, kí wọ́n kọ́kọ́ mì ín sétí, kí wọ́n wá wo ohun tí ẹ̀rọ wí. Nǹkan kan kù: ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ yẹn, lóko ta ni ẹ ó ti máa wo iye ẹ̀, ọjọ́ wo nínú oṣù? Ṣé ó wà nínú ìwé?

Akọ̀wé_Òrù

Kò sí níbẹ̀. Ìwé ò tíì jáde, mo ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá nísinsìnyí.